Ẹni márùn-ún ka ìtàn mi, wọ́n bẹnu àtẹ́ lù ú. Èwo ni kí n gbọ́, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Akọ̀tàn:
Ẹ kú ìjókòó o. Mo kọ ìtàn kúkurú kan, ojú ìwé 12, nǹkan bí 4,000 ọ̀rọ̀. Mo fún ẹni márùn-ún kà, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ohunkóhun bò fún mi. Wọn ò fi bò lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò lè ṣí fáìlì náà.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìtàn náà ní ṣókí. Ọmọ ìyá kan náà ni Bísí àti Dàpọ̀. Ìyá wọn fi ilé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kò sì padà. Baba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, àwọn méjèèjì wá kó ẹrù rẹ̀. Ní ojú ìwé 5 sí 6, Bísí gbaná jẹ, òun àti Dàpọ̀ jà lórí àpótí kan. Ojú ìwé 8 la tó mọ ìdí rẹ̀: àwọn lẹ́tà ìyá wọn ló wà nínú àpótí yẹn, Dàpọ̀ ti mọ̀ tipẹ́, Bísí sì ti rí ọ̀kan nínú wọn nínú báàgì Dàpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjà náà.

Ohun tí wọ́n sọ nìyí.

Ẹni kìíní: "Ojú ìwé 5 sú mi. Mo gbé e sílẹ̀, mo fi fóònù ṣeré díẹ̀ kí n tó padà sí i."

Ẹni kejì: "Bísí yìí kàn ń bínú láìnídìí ni. Gé ìjà yẹn kúrò."

Ẹni kẹta: "Ìjà yẹn ló dùn jù, fà á gùn sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ pọ̀ jù ní ojú ìwé 4, mi ò mọ ta ni ta ni."

Ẹni kẹrin: "Jẹ́ kí Bísí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Kí ìyá wọn sì padà wá ní ìparí. Èmi ò fẹ́ràn ìtàn tó ń bani nínú jẹ́."

Ẹni karùn-ún: "Iṣẹ́ ọmọdé ni. O ò tíì mọ ìtàn kọ. Ìṣirò rẹ gan-an ò pé: o ní Bísí jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí ìyá wọn lọ, o tún ní ó ti tó ọdún 20 tó ti lọ, síbẹ̀ ọdún 34 lo pe Bísí."

Ẹnì kan ní kí n gé ìjà, ẹnì kan ní kí n fà á gùn. Bí mo bá gbọ́ tí gbogbo wọn, kò ní sí ìtàn mọ́. Bí mi ò bá sì gbọ́ ti ẹnì kankan, kí ni mo wá ń bi wọ́n sí?

Pẹ́ńsù Pupa:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Má tíì ṣí fáìlì yẹn, o ò pàdánù nǹkan kan. Mú bébà, kí o fa ìlà sí àárín rẹ̀. Lápá òsì, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà nígbà tó ń kà. Lápá ọ̀tún, kọ ohun tó ní kí o ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan lè bọ́ sí apá méjèèjì. "Bísí ń bínú láìnídìí," òsì nìyẹn. "Gé ìjà yẹn," ọ̀tún ni. Kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì yọ gbogbo ẹ̀gún ara ọ̀rọ̀ náà kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí o pín in ni pé o ò lè bá òǹkàwé jiyàn lórí ohun tó ṣe é. Bó bá ní ó sú òun, ó ti sú u nìyẹn, o ò lè ní kò sú u. Oògùn tó júwe ló ṣeé ṣe kó ṣì. Kò mọ ibi tí o ń mú ìtàn náà lọ. Kò sì mọ èyí tó wà lórí rẹ tí o gbàgbé láti kọ sórí bébà. Nítorí náà, apá òsì ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún.

Ọ̀rọ̀ Ṣókí:
Kò le tó báyẹn jàre. Òfin méjì péré lèmi ń lò. Ohun tí ẹni mẹ́ta bá sọ, tún un ṣe. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ, fi sílẹ̀. Èyí tó bá sì dùn ọ́ jù lọ, òun ni òótọ́. Ó tán.

Ewé Tútù:
O ní méjì, o ka mẹ́ta 😀

Pẹ́ńsù Pupa:
Mo gba ìdajì rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló rí i pé ọjọ́ orí Bísí kò bá ọdún tí ìyá wọn ti lọ mu. Òfin Ọ̀rọ̀ Ṣókí máa ní ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àṣìṣe tí a lè fi ìka kà kò nílò ẹlẹ́rìí kejì. Bí ẹni tó sọ ọ́ tilẹ̀ bú ọ mọ́ ọn, tún un ṣe lónìí.

Ní ti ẹni mẹ́ta, kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ nípa ìtàn náà. Bí wọ́n bá jọ jókòó, tí ẹni àkọ́kọ́ ti ní "ó sú mi," àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó sú wọn. Ẹnì kan ni kí o ka irú àwọn bẹ́ẹ̀ sí.

Ti èyí tó dunni, ọ̀nà méjì ló ń gbà dunni. Nígbà mìíràn o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ kò dúró dáadáa, o kàn ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má rí i. Òótọ́ ni irú ìyẹn, Ọ̀rọ̀ Ṣókí kò parọ́ níbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnu tí wọ́n fi sọ ọ́ ló ta ọ́. Bí mo ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà kọ fúnra mi lẹ́nu jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ràn mi ló ń sọ ọ́. Bó bá ṣì ń dùn mí lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ pé ó nídìí. Bí ìrora náà bá lọ, ẹnu lásán ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kan:
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Alábòójútó mi dá orí kejì àpilẹ̀kọ mi padà, ó kọ "Kí lèyí?" sí ojú ìwé mẹ́fà. Ṣé èmi náà lè fi àwọn tí mi ò gbà sílẹ̀?

Tísà Àgbà:
Tìrẹ yàtọ̀, ọmọ mi. Àwọn tó ka ìtàn Akọ̀tàn ò ní béèrè ohun tó fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Alábòójútó rẹ máa béèrè. O lè kọ̀ láti ṣe ohun tó sọ, ṣùgbọ́n o ò lè kọ̀ láti dáhùn. Kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí o kọ ohun tí o ṣe sí i àti ojú ìwé tó wà. Èyí tí o kò bá gbà, fi gbólóhùn méjì sọ ìdí rẹ̀, kí o sì tọ́ka sí ẹ̀rí. "Kí lèyí?" kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tún ṣe, nítorí náà má méfò. Mú ọ̀kan nínú ojú ìwé mẹ́fà náà lọ bá a, kí o ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀rí ni kò tó níbí ni, àbí ọ̀rọ̀ ni kò yé?" Bó bá ti dáhùn ti ọ̀kan yẹn, ó ṣeé ṣe kí ti márùn-ún tó kù hàn sí ọ fúnra rẹ. Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bísí.

Akọ̀tàn:
Mo ti pín in, àǹtí. Apá òsì nìyí lẹ́yìn tí mo yọ ẹ̀gún rẹ̀:

Ojú ìwé 4: kò mọ ta ni ta ni.
Ojú ìwé 5: ó sú u, ó gbé e sílẹ̀.
Ojú ìwé 5 sí 6: kò mọ ìdí tí Bísí fi ń bínú.
Ojú ìwé 5 sí 6: ó gbádùn ìjà náà.
Ojú ìwé 2 àti 10: ọjọ́ orí kò bára mu.
Kò sí ojú ìwé: ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé.

Ti ẹni kẹrin, mi ò rí nǹkan kan kọ sí apá òsì. Ọ̀tún ni gbogbo tiẹ̀ bọ́ sí. Mo sì ka orúkọ ojú ìwé 4: méje ni! Dàpọ̀ àti Bísí nìkan ló tún jẹ yọ lẹ́yìn ibẹ̀. Mo ti sọ àwọn márùn-ún tó kù di "àwọn àbúrò baba wọn."

Pẹ́ńsù Pupa:
O ṣeun. Tún wo ohun tí o kọ yẹn. Ẹni mẹ́ta ló kọsẹ̀ láàárín ojú ìwé 4 sí 6, ohun tí wọ́n sì sọ kò jọra rárá. Ọ̀kan ní ó sú òun, ọ̀kan ní kò nídìí, ọ̀kan ní orúkọ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó jọra lò ń wá, wàá ní ẹnu wọn ò kò. Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ ni kí o wò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá já sí ibì kan náà, nǹkan kan wà níbẹ̀, tàbí díẹ̀ ṣáájú ibẹ̀.

"Ṣáájú ibẹ̀" yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ìtàn bá sú èèyàn ní ojú ìwé 5, kì í sábà jẹ́ pé ojú ìwé 5 ló burú. Ó sábà ń jẹ́ pé ó ti yẹ kó ní ìbéèrè kan lọ́kàn láti ojú ìwé 3, ìwọ ò sì fún un. Nítorí náà, béèrè èyí: kí ni ìwọ mọ̀ ní ojú ìwé 5 tí òǹkàwé kò mọ̀?

Akọ̀tàn:
Lẹ́tà! Èmi mọ̀ pé Bísí ti rí lẹ́tà lálẹ́ àná. Ojú ìwé 8 ni mo tó sọ fún wọn.

Pẹ́ńsù Pupa:
Ó yé ọ wàyí. Ẹni kejì sọ òótọ́: lójú tiẹ̀, Bísí ń bínú láìnídìí, nítorí ìdí náà wà ní ojú ìwé mẹ́ta síwájú. Ẹni kìíní náà sọ òótọ́: ìjà tí èèyàn ò mọ ohun tó fà á, ariwo lásán ni. Bí o bá gé ìjà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni kejì ṣe wí, o ti ju ibi tó dára jù nínú ìtàn náà nù, àìsàn náà á sì tún yọ síbòmíì. Mú gbólóhùn méjì láti ojú ìwé 8 wá sí ojú ìwé 3. Má fọwọ́ kan ìjà náà rárá.

Ewé Tútù:
Ẹ má bínú mà, mi ò gbà. Ohun tó ń mú èèyàn ṣí ojú ìwé kejì nìyẹn, pé kò tíì mọ̀. Bí Akọ̀tàn bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́tà ní ojú ìwé 3, kí ló tún kù tó máa yani lẹ́nu ní ojú ìwé 8? Èmi náà ti ṣe irú àtúnṣe yìí rí torí pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ò yé wọn. Nígbà tí mo ṣe é tán, ó yé wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ parí ẹ̀ mọ́.

Pẹ́ńsù Pupa:
Ó dára bí o ṣe gbé e wá. Ojú ta ni a fi ń wo ìtàn yìí, Akọ̀tàn?

Akọ̀tàn:
Ojú Bísí ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A máa ń gbọ́ ohun tó ń rò.

Pẹ́ńsù Pupa:
Ibẹ̀ ni èmi àti Ewé Tútù ti yà. Bí Bísí náà kò bá mọ̀ nípa lẹ́tà, a jẹ́ pé òun àti òǹkàwé jọ ń wá a kiri, ohun ìyanu gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú orí Bísí la wà. Ó mọ̀. Ó sì ti ń ronú lórí nǹkan mìíràn fún ojú ìwé mẹ́ta láìrántí lẹ́tà tó ń jó o lọ́kàn. Òǹkàwé á kàn rò pé òǹkọ̀wé ń fi nǹkan pamọ́ fún òun ni. Bí a bá fi ojú Dàpọ̀ wo ìtàn yìí, Ewé Tútù ì bá jàre, nítorí Dàpọ̀ kò mọ̀ pé Bísí ti rí nǹkan kan.

A lè tẹ́ Ewé Tútù lọ́rùn díẹ̀, ṣá. Ní ojú ìwé 3, jẹ́ kí a mọ̀ pé Bísí rí àpò lẹ́tà tí ìyá wọn fọwọ́ kọ nínú báàgì Dàpọ̀, ó sì dá a padà láìkà á. Má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Má sọ iye tó kù nínú àpótí. Ìyẹn á dúró de ojú ìwé 8.

Ewé Tútù:
Láìkà á? Ìyẹn dáa ju tèmi lọ. Àmọ́ mo ṣì rò pé ojú ìwé 3 ti yá jù.

Ọ̀rọ̀ Ṣókí:
Ẹni kẹrin ńkọ́? Ìyẹn kàn fẹ́ kọ ìtàn tiẹ̀ ni. Ju tiẹ̀ nù.

Pẹ́ńsù Pupa:
Ti kí ìyá wọn padà wá, bẹ́ẹ̀ ni, fi sílẹ̀. Ìdánwò kan wà fún irú rẹ̀: bí o bá ṣe ohun tó wí, ṣé ìtàn yẹn náà ni, àbí ìtàn mìíràn? Ìtàn ọmọ méjì tí ìyá wọn kò padà sọ́dọ̀ wọn lo ń kọ. Bó bá padà, o ti dẹ́kun kíkọ ọ nìyẹn. Ó sì jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé òun kì í fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun lo ń kọ ọ́ fún, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí o tó ju tiẹ̀ nù tán, wo ìdajì àkọ́kọ́: "Jẹ́ kí Bísí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ẹni tó ń ka ìtàn tó wà lójú Bísí pátápátá ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun gbọ́ Bísí. Lójú tèmi, òun náà ń ṣàròyé pé Bísí jìnnà sí òun, ó kàn gbé e wá bí àṣẹ ni. Kọ "Bísí jìnnà sí i" sí apá òsì, kí o fi àmì ìbéèrè sí i, torí èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà yìí kan náà ló fà á. Má tún gbogbo ìtàn kọ nítorí rẹ̀ kí o tó mọ̀.

Akọ̀tàn:
Ẹni karùn-ún ló ṣì ń dùn mí. "Iṣẹ́ ọmọdé ni." Mo tún un kọ lẹ́nu jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe wí, ó ṣì ń dùn mí.

Tísà Àgbà:
Kò ní ojú ìwé, o ò lè ṣe nǹkan kan sí i báyìí. Béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: gbólóhùn wo ni o ń kà nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn? Má gbèjà ara rẹ, má ṣàlàyé ìtàn fún un. Bó bá lè fi ọwọ́ sí ibì kan, o ti rí nǹkan lò. Bí kò bá lè fi ọwọ́ síbì kan, o ti ṣe tìrẹ, fi sílẹ̀.

Akọ̀tàn:
Mo bi í. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, mo rò pé inú ń bí i. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí: "Ojú ìwé 1. 'Jáde níbí,' Bísí fi ìbínú sọ. Mo ti mọ̀ pé ó ń bínú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó jáde."

Mo lọ ka irú rẹ̀. Ní ojú ìwé 1 sí 2 nìkan, mọ́kànlá: fi ìbínú sọ, fi ìbànújẹ́ dáhùn, fi ẹ̀rù béèrè. Mo gé mẹ́sàn-án. Mo fi méjì sílẹ̀ níbi tí ohun tí ẹnu ń sọ ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ ọ́, bíi "'Kò burú,' Dàpọ̀ fi ìbínú sọ," torí níbẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò lè sọ ọ́.

Pẹ́ńsù Pupa:
Ìwọ náà ti ń dá ọwọ́ ara rẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n bá mi dúró díẹ̀. O ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbólóhùn kí o tó gbé lẹ́tà wá sí ojú ìwé 3. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun ńlá wá sí kékeré: lẹ́tà ná, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí, gbólóhùn kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ìpínrọ̀ tí o máa yọ lọ́la lo ń dán lónìí, agbára rẹ ló ṣòfò. Fi ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kí o lè padà sí i.

Bí o bá sì parí, má padà sọ́dọ̀ àwọn márùn-ún wọ̀nyẹn. Wọ́n ti mọ̀ nípa lẹ́tà, wọn ò lè dibọ́n pé àwọn ò mọ̀. Wá ẹni tí kò kà á rí. Má sọ ohun tí o tún ṣe fún un. Ní kó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibikíbi tó bá ti gbé e sílẹ̀, kó má kọ ìdí. Nígbà tó bá parí, bi í pé: "Kí ló ń bí Bísí nínú ní ojú ìwé 5?"

Akọ̀tàn:
Ọjọ́ kẹwàá rèé. Mo gbé àpò lẹ́tà náà wá sí ojú ìwé 3, gbólóhùn méjì péré. Mo tún ìṣirò ṣe: ó ti di ọdún 25 tí ìyá wọn ti lọ. Mo rò pé ó ti tán, àfi bí mo ṣe rí i pé Dàpọ̀ tí mo ní ó fi ọdún mẹ́rin ju Bísí lọ jẹ́ ọdún 33 ní ojú ìwé 11. Ẹ̀gbọ́n tó kéré sí àbúrò! Kò sẹ́ni tó rí i nínú wọn. Ó ti di 38.

Mo fún ẹni tuntun kà, aládùúgbò kan tí kì í sábà kàwé. Kò sàmì sí ojú ìwé 5 rárá. Mo bi í léèrè, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ìyá wọn pamọ́ fún un, kò sì fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ti tú báàgì rẹ̀." Ti báàgì yẹn, èmi gan-an ò mọ̀ pé mo kọ ọ́!

Ṣùgbọ́n ó sàmì sí ojú ìwé 7, níbi tí kò ti sí ẹni tó kọsẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ewé Tútù:
Ẹ wò ó! Torí ó ti mọ̀ nípa lẹ́tà ni. Ojú ìwé 7 ti di ìdúró lásán fún un. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Pẹ́ńsù Pupa:
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni, àmì rẹ̀ sì kan ṣoṣo, ó yá láti dá a lẹ́jọ́. Fún ẹlòmíràn méjì kà kí o tó gé nǹkan kan. Kí ló wà ní ojú ìwé 7 gan-an?

Akọ̀tàn:
Bísí ń nu fèrèsé, ó ń rántí ìgbà èwe wọn. Ojú ìwé kan gbáko. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ Ṣókí:
Ó dùn ọ́ bó ṣe sàmì síbẹ̀?

Akọ̀tàn:
Púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ṣókí:
Ẹ̀n-ẹ́n.